Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Oògùn, Ìtànṣán àti Iṣẹ́ Abẹ fún Táírọ́ìdì Tí Ń Ṣe Àṣejù

Àbúrò ìyá mi kan wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó ń ta gààrí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Kì í ṣe pé kò jẹun. Oúnjẹ tí ó ń jẹ tilẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kìlógíráàmù mọ́kànléláàádọ́rin ni ó wọ̀n kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín oṣù márùn-ún ó ti bọ́ sí méjìdínlọ́gọ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tí ó bá ń wọn gààrí fún oníbàárà. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì nígbà tí ó bá jókòó jẹ́ẹ́. Òógùn ń bò ó ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí gbogbo ilé ń fa aṣọ bora. Àwọn kan ní ayé ni. Àwọn mìíràn ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọ́n tọ́jú ibà, wọ́n tọ́jú táífọ́ọ̀dù, wọ́n sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó di ìgbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta, tí ọrùn rẹ̀ sì wú díẹ̀, kí dókítà kan tó sọ pé kí wọ́n yẹ táírọ́ìdì rẹ̀ wò.

Mo fẹ́ kọ nípa ohun tí ó tẹ̀lé e, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Awà àti Orù, láti Àgó-Ìwòyè títí dé etí omi ní Ogun Waterside, ni yóò dé ibi tí ó dé yẹn, tí wọn yóò sì ní láti mú ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta. Èrò mi ni pé ohun tí a ń bẹ̀rù kọ́ ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ ìtànṣán ń já wa láyà, ọ̀bẹ ń já wa láyà, ṣùgbọ́n oògùn kékeré tí a ń gbé mì láràárọ̀ kò jọ wá lójú. Oògùn kékeré yìí gan-an ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí àbúrò ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń tọ́jú. Táírọ́ìdì jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré kan tí ó dà bí labalábá tí ó na ìyẹ́ ní iwájú ọrùn. Ó ń gba áyódíìnì inú oúnjẹ àti iyọ̀, ó sì ń fi í ṣe họ́mónù tí ń sọ fún ara bí yóò ti yára tó: bí ọkàn yóò ti lù, bí ara yóò ti gbóná, bí oúnjẹ yóò ti jó tán. Bí họ́mónù yìí bá pọ̀ jù, ara di ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ awakọ̀ rẹ̀ há mọ́ ibi tí a ń tẹ̀ kí ó sáré. Ohun tí ó sábà máa ń fà á ni àìsàn Graves, tí a fi orúkọ dókítà ará Ireland kan pè. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wa fúnra wọn ni ó ń ṣe ohun tí ń gún táírọ́ìdì ní kẹ́ṣẹ́ láì dáwọ́ dúró, òun náà ni ó sì ń ti ojú síta.

Kì í ṣe gbogbo gẹ̀gẹ̀ ni ó rí báyìí. Gẹ̀gẹ̀ tí àwọn bàbá wa mọ̀ sábà máa ń wá láti inú àìtó áyódíìnì, ọ̀pọ̀ irú gẹ̀gẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í sáré rárá. Ọrùn wíwú nìkan kò tó láti dájọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó ń dájọ́. Nínú èsì rẹ̀, a ó wo TSH, èyí tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ fún táírọ́ìdì, àti T4, tí í ṣe họ́mónù náà fúnra rẹ̀. Bí táírọ́ìdì bá ń ṣe àṣejù, ọpọlọ yóò ti dákẹ́, TSH yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo, T4 yóò sì ga. Bí èsì ti àbúrò ìyá mi ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀nà kìn-ín-ní: oògùn

Kabimasóòlù ni oògùn tí a ń lò jù ní ilẹ̀ wa. Ohun tí ó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí táírọ́ìdì lè fi áyódíìnì ṣe họ́mónù tuntun. Ṣùgbọ́n họ́mónù àtijọ́ tí táírọ́ìdì ti kó pamọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tán. Ìdí nìyí tí ara kì í fi í balẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ fi kọjá. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù. Ní àárín àkókò yẹn, dókítà sábà máa ń fi oògùn mìíràn tí ń jẹ́ pọropiránólọ́ọ̀lù kún un, kí àyà lè yé lù, kí ọwọ́ lè yé gbọ̀n. Ẹni tí ó bá ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ lo èyí láìsọ fún dókítà.

Ogún sí ogójì mílígíráàmù kabimasóòlù lóòjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Bí èsì ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dára, wọn yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Oṣù méjìlá sí méjìdínlógún ni ènìyàn yóò fi lò ó, lẹ́yìn náà wọn yóò dá a dúró, wọn yóò sì máa wò ó bóyá àìsàn náà yóò padà. Nínú ẹni méjì tí ó ní àìsàn Graves tí ó sì parí oògùn náà, ó tó ẹnì kan tí àìsàn náà yóò tún padà bá, pàápàá tí gẹ̀gẹ̀ rẹ̀ bá tóbi. Èrè ọ̀nà yìí ni pé kò ba ohunkóhun jẹ́ nínú ọrùn: ẹni tí ó bá rí ìwòsàn yóò ní táírọ́ìdì tirẹ̀ síbẹ̀.

Ewu rẹ̀ ńkọ́? Ara lè máa yún ènìyàn, èyí kì í sábà le. Ẹ̀dọ̀ lè gba ọgbẹ́, tí ojú yóò di pípọ́n bí òroǹbó, tí ìtọ̀ yóò sì dúdú. Ẹni tí ó bá rí èyí gbọ́dọ̀ sáré padà sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù ni pé, nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, bí méjì sí márùn-ún ni oògùn yìí máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn run, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń bá kòkòrò àìsàn jà. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lójijì, bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lè má ti fi hàn rárá. Àmì rẹ̀ méjì ni: ibà àti ọ̀fun ríro.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wo ibi tí ewu wà fún wa. Ní ilẹ̀ tí ibà ti pọ̀ bí omi òjò, ta ni yóò gbọ́ ibà tí yóò ronú kan oògùn táírọ́ìdì? Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tí àbúrò ìyá mi ti ń lo kabimasóòlù, ibà dé, ọ̀fun rẹ̀ sì ń ro ó débi pé kò lè gbé itọ́ mì. Ó lọ sí ilé ìtajà oògùn kan ní àdúgbò. Wọ́n fún un ní oògùn ibà àti èyí tí ń dín ìrora kù. Kò sẹ́ni tí ó bi í pé oògùn wo ni ó ń lò tẹ́lẹ̀. Ó sì ń bá kabimasóòlù lọ, nítorí pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Ọjọ́ kẹta ni ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wá kí i, tí ó wo páálí oògùn orí tábìlì, tí ó sì fi igbe ta. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì funfun tí ó yẹ kí ó máa jà fún un, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kù kankan. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó lò ní yàrá àdáwà, pẹ̀lú oògùn apakòkòrò tí ó ń wọlé láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Òfin tí ó yẹ kí ó wà ní orí gbogbo páálí oògùn náà kò ju gbólóhùn kan lọ: bí ibà tàbí ọ̀fun ríro bá mú ọ, dá oògùn yìí dúró, kí o sì lọ ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ ní ọjọ́ náà gan-an. Bí iye wọn bá dára, a lè padà sí oògùn náà. Bí wọ́n bá ti run, ènìyàn kò gbọdọ̀ tún fi ẹnu kàn án mọ́ láéláé, kò sì gbọdọ̀ lo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń jẹ́ pọropilitayoyúrásílì, nítorí pé ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀. Oògùn kejì yìí ní àyè tirẹ̀: òun ni àwọn dókítà máa ń yàn fún aboyún ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí pé kabimasóòlù lè ba ẹ̀yà ara ọmọ inú jẹ́ ní àkókò náà. Ṣùgbọ́n ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìdí nìyí tí a kì í fi í fi bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó kù.

Ọ̀nà kejì: áyódíìnì onítànṣán

Báyìí ni ọ̀nà oògùn ti dí mọ́ àbúrò ìyá mi lójú. Ó ku ìtànṣán àti ọ̀bẹ. Nígbà tí ó gbọ́ ìtànṣán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó rò pé irun òun yóò já dànù bíi ti ẹni tí ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Áyódíìnì onítànṣán jẹ́ áyódíìnì bíi ti inú iyọ̀ wa, àyàfi pé ó ń tú ìtànṣán jáde. Ènìyàn yóò gbé e mì bíi kápúsù kan, tàbí kí ó mu ún bí omi, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Táírọ́ìdì kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí áyódíìnì oúnjẹ, nítorí náà yóò fà á mọ́ra. Púpọ̀ nínú èyí tí kò bá rí àyè níbẹ̀ yóò bá ìtọ̀ jáde. Ìtànṣán pàtàkì tí ó ń tú kì í rìn ju nǹkan bíi mílímítà kan tàbí méjì lọ nínú ẹran ara, nítorí náà inú táírọ́ìdì ni yóò ti jó èyí tí ó pọ̀ jù. Ní ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ, agbára rẹ̀ ń dín sí ìdajì. Kì í ṣe ohun tuntun: ní ọdún 1941 ni Saul Hertz kọ́kọ́ fún aláìsàn kan ní irú rẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀ka ìṣègùn onítànṣán bẹ́ẹ̀ wà ní UCH, Ìbàdàn, àti ní Ilé Ìwòsàn Àpapọ̀ ní Àbújá. Fún ará Ìjẹ̀bú-Igbó, Ìbàdàn kò jìnnà.

Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, George Bush àgbà, àti ìyàwó rẹ̀, Barbara, ni wọ́n fi ojú gbogbo ayé rí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn méjèèjì ni ó ní àìsàn Graves. Ti ìyàwó ni wọ́n kọ́kọ́ rí ní ọdún 1989. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1991, ọkọ ń sáré ìdárayá nígbà tí ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège. Àyẹ̀wò fi hàn pé táírọ́ìdì ni ó fà á. Áyódíìnì onítànṣán ni wọ́n fún àwọn méjèèjì. Ọkọ padà sí ẹnu iṣẹ́, ó sì ń lo họ́mónù àfirọ́pò lójoojúmọ́ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ojú ìyàwó yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀: ó ń ro ó, ó ń wú, ó ń rí nǹkan ní méjì méjì, títí wọ́n fi tún tọ́jú ojú náà lọ́tọ̀. Òògùn kan náà, ilé kan náà, ara méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìyẹn ni ewu àkọ́kọ́. Bí táírọ́ìdì bá ti ń jó, àìsàn ojú lè burú sí i fún àwọn kan, pàápàá fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń yọ tẹ́lẹ̀ tàbí ẹni tí ń mu sìgá. Dókítà lè fi oògùn sítẹ́róọ̀dù dá ààbò bò ó, ṣùgbọ́n bí àìsàn ojú bá le gan-an, ọ̀nà mìíràn ni a ó gbà. Ewu kejì ni ti aboyún àti ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú: wọn kò gbọdọ̀ gbà á rárá, nítorí pé yóò jó táírọ́ìdì ọmọ náà. Obìnrin tí ó bá gbà á gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán kí ó tó lóyún. Ní ti jẹjẹrẹ tí gbogbo ènìyàn ń bi mí, ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti ń lò ó kò fi ewu ńlá hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bóyá ewu kékeré kan wà.

Ewu kẹta kì í ṣe ewu mọ́, ìdánilójú ni. Ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí ó gbà á ni táírọ́ìdì wọn yóò kú pátápátá láàárín oṣù díẹ̀ tàbí ọdún díẹ̀, wọn yóò sì máa lo họ́mónù àfirọ́pò tí ń jẹ́ lẹfotairọ́sìnì títí ọjọ́ ayé wọn. Ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àwọn dókítà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí kí wọ́n tó fún un.

Ìṣòro tí ó jẹ́ tiwa ni ti ilé gbígbé. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá gbé áyódíìnì náà mì, ara òun fúnra rẹ̀ yóò máa tú ìtànṣán díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Kò gbọdọ̀ gbé ọmọdé mọ́ra, kò gbọdọ̀ sùn ti ẹnikẹ́ni, omi púpọ̀ ni yóò sì máa dà sí ilé ìgbẹ́. Èyí rọrùn fún ẹni tí ó ní ilé oníyàrá mẹ́rin. Fún ẹni tí ń gbé ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ìyá, bàbá àti ọmọ mẹ́rin ń sùn lórí ẹní kan, ó gba ètò. Àbúrò ìyá mi kó àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹkún ọmọ náà ni ó pa á lára jù nínú gbogbo ìtọ́jú yẹn.

Ọ̀nà kẹta: iṣẹ́ abẹ

Iṣẹ́ abẹ ni ó yára jù. Ọjọ́ tí a bá gé táírọ́ìdì kúrò ni ilé iṣẹ́ họ́mónù ti pa. Òun ni ó yẹ ẹni tí gẹ̀gẹ̀ rẹ̀ tóbi débi pé ó ń tẹ ọ̀nà èémí tàbí ọ̀nà oúnjẹ, ẹni tí a fura sí kókó jẹjẹrẹ lọ́rùn rẹ̀, ẹni tí àìsàn ojú rẹ̀ le, àti obìnrin tí ó fẹ́ lóyún láìpẹ́. Ní ọdún 1909, wọ́n fún oníṣẹ́ abẹ ará Switzerland kan, Theodor Kocher, ní Ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí táírọ́ìdì. Òun ni ó sọ iṣẹ́ abẹ tí ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn di èyí tí ènìyàn ń jí nínú rẹ̀. Òun náà ni ó sì rí i pé àwọn tí òun gé gbogbo táírọ́ìdì wọn kúrò ń di aláìlókun, tí ọpọlọ wọn ń lọ́ra, nítorí pé kò tíì sí họ́mónù àfirọ́pò nígbà náà.

Ewu ibẹ̀ wà ní ohun tí ó yí táírọ́ìdì ká. Okùn iṣan kan tí ń darí ohùn gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá; bí ọ̀bẹ bá kàn án, ohùn yóò há, ó sì lè há títí láé. Kókó kéékèèké mẹ́rin tún lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn ni ó ń ṣọ́ kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá fara pa, ètè àti orí ìka yóò máa ta ènìyàn bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí wọn, iṣan yóò sì máa fà. Ẹ̀jẹ̀ tún lè dà sínú ọrùn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kí ó sì dí ọ̀nà èémí, ìdí nìyí tí a kì í fi í yára lé aláìsàn lọ sílé. Lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ tí ó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, ìpalára tí kì í lọ mọ́ kò pọ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ohùn. Lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣe é ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi oníṣẹ́ abẹ ni: mélòó ni ẹ máa ń ṣe lọ́dún? Kì í ṣe àrífín. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ohun kan ṣì wà tí àwọn ènìyàn wa kì í mọ̀. A kì í gbé ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ ṣì ń sáré lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Oògùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un balẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, họ́mónù lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan bí ìjì, tí ara yóò gbóná janjan, tí ọkàn yóò sì sáré títí yóò fi dúró. Ẹni tí ó bá ṣèlérí pé òun yóò gé gẹ̀gẹ̀ lọ́la láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ sá fún un.

Àbúrò ìyá mi, tí kò lè lo kabimasóòlù mọ́, ì bá nílò ètò mìíràn tí ó nira kí wọ́n tó lè gbé e lọ sí ibi abẹ. Gẹ̀gẹ̀ rẹ̀ kò tóbi, ojú rẹ̀ kò sì tíì burú púpọ̀. Ìdí nìyí tí òun àti dókítà rẹ̀ fi yan Ìbàdàn, pẹ̀lú oògùn sítẹ́róọ̀dù fún ojú. Oṣù méjì àkọ́kọ́, kò rí ìyàtọ̀, ó sì bínú pé wọ́n ti tan òun. Ní oṣù karùn-ún, nǹkan yí padà sí òdìkejì: otútù ń mú un ní ọ̀sán gangan, ó ń sanra, ó ń sùn níbi tí ó ti ń ta gààrí. TSH tí ó ti jẹ́ òfo ti ga fíofío. Ọgọ́rùn-ún máíkírógíráàmù lẹfotairọ́sìnì ni ó ń lò lójoojúmọ́ báyìí, ní ikùn òfìfo, ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan kí ó tó jẹun. Lẹ́yìn ọdún kan, kìlógíráàmù mọ́kàndínláàádọ́rin ni ó wọ̀n.

Èrò tèmi nìyí. Fún ọ̀pọ̀ jùlọ wa, oògùn ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí a máa rà á lọ́dọọdún láìṣe àyẹ̀wò, bí ẹni ń ra àgbo. Bí oṣù méjìdínlógún bá pé tí àìsàn náà sì padà, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ìtànṣán tàbí ọ̀bẹ mú yín padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láìronú. Ẹ jókòó ti dókítà, kí ẹ sì ro ojú yín, oyún yín, gẹ̀gẹ̀ yín àti ilé tí ẹ ń gbé. Ẹni tí ó yan ìtànṣán tàbí abẹ ti gba láti máa lo oògùn kan lójoojúmọ́ títí ayé. Bí kò bá lè rí owó oògùn náà déédéé, kí ó sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣe é. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn pẹ̀lú ní ohun tí ó lè ṣe: kí ènìyàn lè ṣe àyẹ̀wò TSH àti kíka sẹ́ẹ̀lì funfun ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ ọn jù, ní ọjọ́ tí ó bá débẹ̀, kí apẹja Ìwopin má baà ní láti wọ ọkọ̀ dé Ṣàgámù nítorí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn ní àdúgbò, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ra oògùn ibà, tí ó sì ní ọ̀fun ń ro òun, ẹ bi í pé: oògùn wo ni ẹ ń lò tẹ́lẹ̀? Bí ó bá dárúkọ kabimasóòlù, ẹ má ta nǹkan kan fún un. Ẹ ní kí ó gba ilé ìwòsàn lọ.